Ẹ mú ìrírí yín wá: "When he will arrive, call me"

Àdùkẹ́ Alátùnṣe: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà òwò tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni mò ń tún ṣe l'Ékòó. Nínú èyí tó ń wá láti Kùtọnu, gbogbo ìgbà ni mò ń rí "When he will arrive, call me" dípò "When he arrives". Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣọ́ ọ tí kì í fi í bọ́ mọ́ yín lójú?

ỌmọKétu: Faransé ló fà á. Níléèwé wa, tó o bá kọ "Quand il arrive, appelle-moi" nígbà tó jẹ́ pé ọ̀la lo ń sọ, tíṣà á fa ìlà pupa sí i. "Quand il arrivera" ni wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá ti fi ọdún gbogbo kọ́ ìyẹn, "will" ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́wọ́.

Bọ̀dá Ṣọ́ọ̀bù: Ctrl+F. Ibi tí "when" bá ti ṣáájú "will", ẹ yọ "will" kúrò. Ó tán.

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Kò tíì tán, ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́tà tó kọjá lọ́wọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí: "When the goods will arrive, call the driver. We do not know when the ship will leave. Tell us the day when you will pay." Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ló ní àléébù. Nígbà tó ti tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, ìkẹta di "the day when you pay", ló bá dà bíi pé wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí oníbàárà máa ń sanwó lóṣooṣù.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá wẹ́rẹ́. "Tí ẹrù bá dé, ẹ pe awakọ̀": "bá" ló wọlé, "will" gbọ́dọ̀ jáde. "A ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra": "máa" ló wọlé, ẹ fi "will" sílẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ máa sanwó" náà ńkọ́? Bákan náà ni. Nínú ti àkọ́kọ́, dídé ẹrù ló ń sọ ìgbà tí ìpè máa wáyé. Nínú ìkejì, ìgbà gan-an ni wọn ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi nìyẹn! Ó kọ "I wonder when he will come", tíṣà rẹ̀ fagi lé e, ó ní "will" kì í tẹ̀ lé "when". Mo gbé ìwé náà lọ bá a, ó ní òfin ni. Máàkì ò padà di òní.

Bọ̀dá Ṣọ́ọ̀bù: Ẹ má jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ o, màmá. Ẹ tún padà lọ.

Àdùkẹ́ Alátùnṣe: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ yín ló gbà á.

Akọ̀wé Kọ̀ǹpútà: Èyí ni mo fi ń wá a:

```
\b([Ww]hen|[Uu]ntil|[Bb]efore|[Aa]fter|[Aa]s soon as)\b[^.,;?!]*(\bwill|['’]ll)\b
```

Kọ́mà tó wà nínú àkámọ́ onígun yẹn ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, á máa mú "When he arrives, I will call", tí kò ní àléébù kankan. Ó kàn ń fi ibi tí ẹ máa wò hàn yín ni. Ẹ má fi tún nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Abẹ́òkúta Gidi: Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, "bá" yín yẹn ò dá mi lójú. "Dúró títí tó máa fi dé" ńkọ́? "Máa" ló wà níbẹ̀ kedere, síbẹ̀ "Wait until he will come" kò tọ̀nà. Àwọn ọmọ tiwa gan-an ló ń kọ ọ́, wọn ò sì gbọ́ Faransé.

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má gbé "until" lọ sọ́dọ̀ "bá" rárá, "will" kì í bá a gbé. "When" nìkan ni mo ń dán wò bẹ́ẹ̀.

Abẹ́òkúta Gidi: "Tó o bá máa lọ, pè mí" náà ńkọ́? "Bá" àti "máa" jọ wà níbẹ̀.

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Ìyẹn, kó tó gbéra ni kó pè. "When you are leaving" ni mo máa kọ.

Abẹ́òkúta Gidi: Èmi máa kọ "before you leave". Tó bá ti wọ mọ́tò tán kó tó pè ńkọ́?

ỌmọKétu: Ẹ wò ó, "until" yẹn kì í yọ wá lẹ́nu ní Kétu o. "Jusqu'à ce qu'il vienne" là ń sọ, kò sí ọjọ́ iwájú níbẹ̀. "When" ló ń mú tiwa, "until" ló ń mú tiyín. Àdùkẹ́, ibi tí lẹ́tà bá ti wá ni kó o fi mọ èyí tó o máa kọ́kọ́ wá.

Ìyá Ìbejì: Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ Tíṣà sórí ìwé. Mọ́ńdè ni màá gbé e lọ.