Máàpù ipò ọjà: kí ni àlàfo tiyín sọ fún yín?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjábọ̀ kọ́ọ̀sì mi dá lórí báàgì àgbékọ́yìn. Mo ya máàpù tó ń fi ipò báàgì kọ̀ọ̀kan hàn: mo fi owó sí ìbú, agbára sí òró, mo to báàgì méje sí i. Igun "owó pọ́ọ́kú, agbára púpọ̀" ṣófo pátápátá. Ọjà wà níbẹ̀, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ sọ tiyín.

Ṣèyí: Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Máàkì wọlé, mi ò bèèrè nǹkan kan.

Kúnlé: Àbẹ̀kẹ́, wò ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe pé báàgì yẹn tò láti ìsàlẹ̀ lápá òsì dé òkè lápá ọ̀tún? Bí owó ṣe ń gòkè ni agbára ń bá a lọ, ìlà kan náà lo yà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí bí igun méjì tó kù kò ṣe ní ṣófo. Kọ owó wọn sí B2 dé B8 nínú Excel, agbára sí C2 dé C8, kí o wá tẹ èyí láti mọ bí méjèèjì ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn tó:

```
=CORREL(B2:B8,C2:C8)
```

Bó bá sún mọ́ 1 tàbí -1, pààrọ̀ ìlà kan.

Bàbá Tòlú: Ṣé máàpù yìí ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn? Tèmi ti ń ṣìnà.

Ṣèyí: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ 😂

Ọmọ Ọjà: Wọ́n ní owó ò gbọdọ̀ sí lórí máàpù rárá.

Kúnlé: Ó lè wà, bí ìlà kejì kò bá ti tẹ̀ lé e. Báàgì lèmi náà ṣe, ìfúyẹ́ àti ìrísí ni mo lò: ti ọ́fíìsì tàbí ti eré. Ogójì ènìyàn ló fún wọn ní 1 sí 7. "Ó fúyẹ́, ó jọ ti ọ́fíìsì" ló ṣófo. Mo tún ní kí wọ́n fi àmì sí ibi tí báàgì tó wù wọ́n máa wà. Mẹ́fà péré ló bọ́ síbẹ̀.

Ọmọ Ọjà: Mẹ́fà nínú ogójì kéré? Iléeṣẹ́ kékeré á jẹun níbẹ̀!

Kúnlé: Bí wọ́n bá máa rà á. Mẹ́rin nínú wọn, èyí tí ibi iṣẹ́ fún wọn ni wọ́n ń gbé.

Ọmọ Ọjà: Ẹni tó ń ra ti ibi iṣẹ́ náà kò ní owó lọ́wọ́ ni? Òun ló yẹ kí o bi.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Àárín gan-an ni olùkọ́ dá mi dúró sí. Báàgì kan wà ní 4, mo kọ ọ́ pé kò wu ẹnikẹ́ni, kò sì rí ẹnikẹ́ni lára. Ó ní kí n ṣí ìwé ìdáhùn. Ìdajì fún un ní 1 tàbí 2, ìdajì fún un ní 6 tàbí 7! Ìgbà tí mo rò wọ́n pọ̀ tí mo pín in ni 4 jáde.

Ṣèyí: Ẹ fẹ́ kí n máa bi ènìyàn? Ojú ara mi ni mo fi to tèmi.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: A mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Mo tẹ̀ ẹ́, 0.91 ló jáde. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, owó ni kí n yọ ni, àbí agbára?

Kúnlé: Èwo làwọn tó ń rà á kọ́kọ́ ń bèèrè?

Àbẹ̀kẹ́: Mi ò tíì bi wọ́n.