Ùgú mi pọ́n nínú fìrísà, ata kò ṣe nǹkan kan

Ọmọ Ìperu, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ùgú kì í sábà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra nǹkan, bó bá sì dé, kì í pẹ́ tán. Ní oṣù méjì sẹ́yìn mo rí i, mo ra ìdì mẹ́fà. Mo fọ̀ ọ́, mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo dì í sí náílọ́nù, mo kó o sí fìrísà. Lọ́jọ́ Àìkú mo yọ ọ̀kan láti fi se ẹ̀gúsí. Ewé náà ti ń pọ́n, ó ń rùn bíi koríko gbígbẹ, ọkọ mi ò lè jẹ ọbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ rodo àti tàtàṣé tí mo kó síbẹ̀ ní tútù lọ́jọ́ kan náà ṣì dára bí mo ṣe kó wọn sí i. Kí ló dé tó jẹ́ ewé nìkan ló bàjẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Kánádà
Ẹ ò bọ̀ ọ́ ni, àǹtí mi. Tèmi rọrùn. Mo máa ń kó ewé sínú abọ́, mo á da omi kẹ́tùlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, mo á ju kánún bíńtín sí i kó lè máa tutù yọ̀yọ̀, mo á wá sẹ́ ẹ. Ó ti parí nìyẹn.

Màmá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ṣiṣẹ́ ìdáná nílùú òyìnbó fún ọdún 19 kí n tó padà wá sílé, ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ jù.

Ọmọ Ìperu, nígbà tí a já ewé, ewé ò tíì kú. Àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ, àwọn ló ń pa àwọ̀, adùn àti fítámì rẹ̀ run. Òtútù fìrísà kì í dá wọn dúró, ó kàn ń mú wọn falẹ̀ ni. Iná ló ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ewé tí a kò bọ̀ fi ń pọ́n tó bá pẹ́. Ata ò nílò bíbọ̀ kó tó wọ fìrísà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ já ìdí rẹ̀, ẹ dì í.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìwọ náà mọ ìdajì. Lóòótọ́ ó yẹ ká bọ̀ ọ́, àmọ́ omi kẹ́tùlù á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ìsàlẹ̀ abọ́. Ewé tí iná ò kàn dáadáa burú ju èyí tí a kò bọ̀ rárá lọ, nítorí ìgbóná díẹ̀ yẹn kàn ń ta àwọn nǹkan inú rẹ̀ jí ni. Kánún náà, òótọ́ ni pé ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ewé rọ̀ jù, ó sì ń pa fítámì tí a torí rẹ̀ ra ùgú.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Fún ìdajì kílò ewé tí a ti yọ igi rẹ̀, mo ń gbé omi bíi lítà 4 kaná. Tó bá ń hó kutukutu, mo á kó ewé odindi sí i, n kì í kọ́kọ́ rẹ́ ẹ, torí tí a bá ti rẹ́ ẹ, omi ìkòkò ló máa kó adùn rẹ̀ lọ. Omi á dákẹ́ díẹ̀. Tó bá tún ti hó padà ni mo tó ń ka ìṣẹ́jú 2. Bí kò bá hó padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ewé ti pọ̀ ju omi lọ nìyẹn, dín in kù. Mo á wá fi asẹ́ gbé e sínú omi yìnyín fún ìṣẹ́jú 2 mìíràn, kó má máa sè lọ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo á fún un títí omi ò fi ní kán mọ́, mo á rẹ́ ẹ, mo á dì í ní ìwọ̀n ọbẹ̀ kan-kan, mo á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo á fún afẹ́fẹ́ jáde, mo á kọ ọjọ́ sí i lára.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Lọ́ńdọ̀nù
Màmá, ẹ ṣé o. Màmá tèmi wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níbẹ̀. Iná ò dúró rárá. Ṣé kí wọ́n bọ ata wọn ni?

Màmá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde
Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, ọmọ mi. Bíbọ̀ ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ àìsí iná. Fìrísà tó kún dẹ́mú, tí a ò ṣí, lè dúró bí ọjọ́ 2; èyí tó kún dé ìdajì, ọjọ́ kan. Tí yìnyín bá ṣì wà lára ata nígbà tí iná dé, ẹ lè jẹ́ kó dì padà. Tó bá ti yọ́, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n dà á nù.

Kí wọ́n máa sá ata nígbà ọyẹ́. Kí wọ́n là á sí méjì kó tó hàn sí oòrùn, kí wọ́n máa kó o wọlé lálẹ́. Tó bá ń ṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lọ́wọ́, ó ti gbẹ. Bó bá ṣì ń tẹ̀, ó máa bu. Lásìkò òjò, ní ilẹ̀ wa níbí, mi ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn láti sá tìmátì, omi rẹ̀ pọ̀ jù, yóò bu kó tó gbẹ. Èyí tó bá sì ti bu, ẹ má fọ̀ ọ́ jẹ. Ùgú ní tirẹ̀, abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni ká sá a sí, oòrùn máa ń mú un ṣì.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ, Kánádà
Ìyá àgbà mi máa ń dín ata, wọ́n á da òróró bò ó lórí, á wà lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn.

Màmá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde
Wọn ò ṣàìsàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òróró ò pa kòkòrò, ó kàn ń dí afẹ́fẹ́ ni, kòkòrò kan sì wà tó jẹ́ ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ló fẹ́ràn. Oró rẹ̀ kì í rùn, kì í sì í yí adùn padà. Fíríìjì ni kó wà, tó bá máa pẹ́, fìrísà.

Ọmọ Òde Rẹ́mọ, Kánádà
Mo gbọ́, Màmá. Síbẹ̀ mi ò rò pé ọwọ́ àwọn àgbà yẹn kò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Bóyá torí pé wọ́n ń dín in gbẹ ju tiwa lọ ni.

Ọmọ Ìperu, Lọ́ńdọ̀nù
Mo ti gbìyànjú ẹ̀, Màmá. Ùgú ìdì méjì ni mo rí rà lánàá. Ìkòkò mi ò gbà ju lítà 3 lọ, mo wá pín ewé sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, mo kánjú, mo kó púpọ̀ jù sí i, omi ò sì hó padà kíákíá. Mo fi àmì sí náílọ́nù yẹn, òun la máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn, omi ń hó padà kíá. Nígbà tí mo gbé ewé sínú omi yìnyín, àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a.

Tìmátì ńkọ́? Mo ní páálí kan nílẹ̀ tó ti ń rọ̀.

Màmá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde
Tí àyè bá wà nínú fìrísà rẹ, kó o sí i ní odindi. Tó bá yọ́, èèpo rẹ̀ á bọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rọ̀, ọbẹ̀ nìkan ló wúlò fún. Tí àyè bá há, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti rodo, sè é láìbò ó títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí yóò máa tú pọ̀ọ̀pọ̀ọ̀ dípò kó máa hó bí omi. Jẹ́ kó tutù kó tó wọ fìrísà. Tó bá jẹ́ abọ́ lo fẹ́ fi dì í, má kún un dé ẹnu, torí ó máa ń wú tó bá ń dì.

Ọmọ Ìperu, Lọ́ńdọ̀nù
Mo ti gbé e kaná báyìí, Màmá. Ilé ń ta sánsán bí ilé ọlọ́bẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ sí náílọ́nù ùgú wà níbẹ̀, tó bá pé oṣù méjì màá yọ ọ̀kan, màá sì wá sọ fún yín bó ṣe rí.