Púlì mi dàrú nínú FreeCAD, ojú ibo ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kétu ni mo wà, mo ń ya púlì ẹ̀rọ ìlọgbàdo bùrọ̀dá mi. Mo ya róbótó 120 mm sórí XY_Plane, mo Pad ẹ̀ sí 30 mm, mo ti yára ṣe Fillet sétí ẹ̀ (ojú ń kán mi kó rẹwà), lẹ́yìn náà mo ya ihò ọ̀pá 25 mm sórí ojú òkè ẹ̀ gan-an, mo fi Pocket gbẹ́ ẹ. Àfi bí bùrọ̀dá ṣe ní kí n fi ìdí tó yọ síta kún àárín ẹ̀, mo padà lọ fi í ṣáájú Fillet, ni Fillet bá pọ́n, ihò náà sá lọ síbòmíì, ó jọ pé nọ́ńbà Face tí mo gbé e lé ti di ti ojú mìíì.

Ẹnìkan ní kí n ya ìdajì ara púlì náà sórí XZ_Plane, àyè bẹ́líìtì àti ihò nínú ẹ̀, kí n fi Revolution yí i ká Z, kí Fillet gbẹ̀yìn. Ojúhò kọ́kọ́rọ́ 8 mm wá ńkọ́, ṣé kí n yà á sórí XY_Plane kí n sì fi Through all gbẹ́ ẹ, ṣáájú Fillet àbí lẹ́yìn ẹ̀?