Káàdì sí olùkọ́ mi àtijọ́: «Lei» ni àbí «tu»?

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìlú Siẹ́nà ni mo wà báyìí, mo sì fẹ́ fi káàdì aláwòrán ránṣẹ́ sí màmá tó kọ́ mi ní èdè Ítálì. Ibi ìkọ̀wé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ti kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ báyìí:

«Cara professoressa, Le scrivo da Siena. Penso spesso alle Sue lezioni. Con affetto.»

«Le» àti «Sue» yẹn, tí í ṣe ti «Lei», ni «ẹ» tiwa. Lẹ́tà ńlá tó bẹ̀rẹ̀ wọn tún fi ọ̀wọ̀ kún un. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a parí ẹ̀kọ́, màmá ní kí n máa fi «tu» bá àwọn sọ̀rọ̀, ìyẹn «o». Mo dán an wò: «Ti scrivo», «tue lezioni». Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà á. Ta ní í pe tíṣà rẹ̀ ní «o»? Mo tún rò ó pé kí n kọ «Un caro saluto da Siena» nìkan, àmọ́ èèyàn lè kọ ìyẹn sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ítálì, tí n kò bá yí «Le» padà, ṣé kò ní dà bí ẹni pé mo ń jìnnà sí wọn? Ẹ ṣé púpọ̀, mo dúpẹ́ ṣáájú.