Kíríátíníìnì ga lábù, páúdà jíìmù sì wà nínú ọ̀rọ̀: ẹ sọ èyí tí ojú yín rí

Gbérin Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan ní Òkè-Ìlèwó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò kí n tó wọlé. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mo máa ń gbé irin, mo sì ń po páúdà kíríátíìnì gíráàmù 5 mu láràárọ̀. Lálẹ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, mo gbé irin títí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n, mo wá jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà tí ẹran pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Èsì dé: kíríátíníìnì inú ẹ̀jẹ̀ 1.6 mg/dL, eGFR, ìyẹn ìṣirò bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó, 58. Wọ́n fi bírò pupa yí 58 ká. Dókítà wọn ní kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 60, pé kíndìnrín mi ti ń ṣàárẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi ò ru, ẹsẹ̀ ò wú, purotéènì ò sí nínú ìtọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ń lo nǹkan kan. Ta ló ti bá irú èyí pàdé?

Ìyá Ìbejì Ìtòkú
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ti ń sọ fún ọmọ tèmi pé páúdà yẹn á ba kíndìnrín jẹ́. Ṣé òun náà ni wọ́n ń tà nínú ìgò ní Kútọ̀ fún ẹ̀yìn ríro? Mo ti ra ìyẹn fún bàbá wọn o.

Abẹ́ Olúmọ
Mà, àgbo nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n, ó ṣe èmi náà rí. Ẹ fi páúdà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ mu omi dáadáa, á wálẹ̀.

Onílábù Ìdí-Àbà
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Lójoojúmọ́, bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kíríátíìnì tó wà nínú iṣan máa ń di kíríátíníìnì fúnra rẹ̀, kíndìnrín á sì gbé e sínú ìtọ̀. Ẹni tí iṣan rẹ̀ tóbi, tó tún ń bu páúdà sí i, èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀. Àwa ò rí kíndìnrín. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ la ń wọ̀n. Ìyẹn, ọjọ́ orí, àti bóyá akọ ni tàbí abo, ni wọ́n fi ń ṣírò eGFR. Páúdà àti ẹran ò sí nínú ìṣirò náà. Ó dà bí ẹni tó rí gọ́tà tó kún, tó ní ó ti dí, tí kò bèèrè bí òjò ṣe pọ̀ tó.

Páúdà nìkan kì í sábà gbé e lọ jìnnà. Ẹran alẹ́ yẹn àti irin ló bá a kún un. Ọjọ́ méjì á tó fún ti ẹran, àmọ́ kíríátíìnì tó ti kó sínú iṣan lè gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń lo ìwọ̀n tó yẹ, a ò rí i pé ó ń bà á jẹ́. Ẹni tó ti ní àìsàn kíndìnrín, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Lafẹ́nwá Àgbà
Ẹ má fi páúdà bo nǹkan mọ́lẹ̀ o. Àbúrò mi rí 1.7, ó ní jíìmù ni. Ó fi páúdà sílẹ̀ fún oṣù kan ó lé, kò wálẹ̀. Purotéènì wà nínú ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru tipẹ́. Àìsàn gidi ni.

Onílábù Ìdí-Àbà
Ibi tí a ti ń dá wọn mọ̀ nìyẹn, bàbá. A kì í sì í pè é ní àìsàn kíndìnrín tó ti pẹ́ àfi tó bá kọjá oṣù mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yé, nǹkan mìíràn wà tí a lè wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, sísítáátìnì C, kì í ti inú iṣan wá ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tí táírọ́ìdì ọrùn rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu tàbí tó ń lo dẹ́sámẹ́tásónì, ó lè ṣì í lọ́nà.

Gbérin Pánṣẹ́kẹ́
Mo ti ṣe é. Mo fi páúdà sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi kọjá, mi ò wọ jíìmù lọ́sẹ̀ àyẹ̀wò, ẹja ni mo jẹ lálẹ́, díẹ̀ náà ni. 1.2, eGFR 81. Sísítáátìnì C náà dára. Èkó ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, owó rẹ̀ dùn mí dé egungun. Ilé iṣẹ́ ní lábù tiwọn làwọn gbà, kí n tún wá fa ẹ̀jẹ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn pé mo ń lò ó tẹ́lẹ̀?

Abẹ́ Olúmọ
Má sọ o! Wọ́n á ní oògùn olóró ni.

Onílábù Ìdí-Àbà
Sọ ọ́ jàre, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èsì. Má sì tíì ṣí ike páúdà yẹn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìyá Ìbejì Ìtòkú
Ti inú ìgò yẹn ńkọ́? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.