Àdéhùn àkọ́kọ́ àbúrò mi: báwo ni mo ṣe máa kó o sí ojú ewé kan fún òun àti ìyá wa?

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 17 ni àbúrò mi, kílọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn sì ti gbé ìwé àdéhùn wá. Ojú ewé 11 ni, èdè òyìnbó pọ́ńbélé. Màmá wa kò gbọ́ òyìnbó, àwọn ló sì máa buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí òbí. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá. Ohun tí mo rí nìyí: ọdún mẹ́ta, "kílọ́ọ̀bù sì lè fi ọdún méjì kún un". 1,500,000 náírà fún sáà kan, wọ́n á san án lẹ́ẹ̀mẹwàá. Owó ìbuwọ́lùwé 600,000, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bónọ́ọ̀sì "títí dé 20,000" fún ìdíje kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì rẹ̀ ti sọ fún màmá pé ọmọ á máa gba 150,000 lóṣooṣù fún ọdún márùn-ún. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ Jimọ̀ ni wọ́n fẹ́ ká buwọ́ lù ú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú oríire o! Ẹ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún ìwé ìbí àwọn ọmọ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù: Ẹ ṣé, mà. Kì í ṣe ìtumọ̀ olóǹtẹ̀ ni mo ń wá. Tí mo bá ka ojú ewé 11 sí màmá létí, wọ́n á ti sùn kí n tó dé ìkẹta.

Akọ̀wé Kílọ́ọ̀bù Tẹ́lẹ̀: Má kọ ọ̀rọ̀ kóòṣì sílẹ̀ o. "Lóṣooṣù" kò sí nínú ohun tí o kà fún wa, "ọdún márùn-ún" náà kò sí níbẹ̀.

Ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni màmá máa kọ́kọ́ bèèrè. Owó sáà tí wọ́n bá ń san lẹ́ẹ̀mẹwàá, oṣù mẹ́wàá ni 150,000 á fi wọlé. Oṣù méjì á wà tí kò ní sí nǹkan kan, ọmọ á sì jẹun nínú oṣù méjèèjì. Fi 200,000 àkọ́kọ́ nínú owó ìbuwọ́lùwé kún 1,500,000, ó di 1,700,000 fún ọdún kìíní. Pín in sí oṣù 12, kò pé 142,000. Iye tí màmá lè fọkàn sí nìyẹn, kí wọ́n tó yọ owó orí tàbí ohunkóhun.

200,000 méjì tó kù ńkọ́? Wo ìpín tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ó bá sọ pé wọ́n á san án "tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣì wà lọ́dọ̀ kílọ́ọ̀bù", má kó o pọ̀ mọ́ owó tó dájú. Bónọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ yẹ kó dé ibẹ̀ rárá. "Títí dé 20,000" kò ju pé wọn kò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òdo náà wà nínú "títí dé".

Torí náà, ìlà méjì ni kí o fà sójú ewé rẹ: owó tí wọ́n *gbọ́dọ̀* san, àti owó tí wọ́n *lè* san. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kọ nọ́mbà ìpín tí o ti rí i. Bí ẹnì kan bá ní irọ́ lo pa, ẹ ṣí ìwé gan-an síbẹ̀. Gbólóhùn tí o kò bá rí nọ́mbà fún, ẹnu ènìyàn ni o ti gbọ́ ọ, pa á rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù: Háà. Mo ti wò ó, ìpín 5: "tí ó bá ṣì wà lọ́dọ̀ kílọ́ọ̀bù". Ọdún méjì yẹn wá ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ìyẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin Fífà ni pé ẹni tí kò tíì pé 18 kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ju ọdún mẹ́ta lọ. Sọ fún màmá pé ọdún mẹ́ta ni, ó parí.

Akọ̀wé Kílọ́ọ̀bù Tẹ́lẹ̀: Òfin yẹn wà lóòótọ́, wọn kò sì ní ka ìpín tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ sí. Àmọ́ kílọ́ọ̀bù lè jiyàn pé ọmọ ti di ẹni 20 ọdún kí àfikún náà tó bẹ̀rẹ̀. Lórí irú ẹ̀tọ́ tí kílọ́ọ̀bù nìkan ní yìí, ìdájọ́ kì í bára mu nígbà gbogbo. Wọ́n máa ń wò ó bóyá owó ga sókè nínú àfikún náà, bóyá wọ́n sọ fún ọmọ kí àsìkò tó tó, bóyá ó ṣe kedere sí i nígbà tó ń buwọ́ lùwé. Nítorí náà má kọ "kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀" sínú ìwé màmá. Kọ ọ́ báyìí:

"Ọdún mẹ́ta ni. Lẹ́yìn rẹ̀, kílọ́ọ̀bù nìkan ló lè ní kó di márùn-ún. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ tí kílọ́ọ̀bù kò fẹ́, ìjà lè ṣẹlẹ̀. Ìwé kò sọ pé owó á lé sí i." Kí o tó fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sí i, rí i dájú pé òótọ́ ni.

Kí ẹ sì ní kí wọ́n yọ ìpín yẹn kúrò kí ó tó di ọjọ́ Jimọ̀. Ó rọrùn láti yọ nísinsìnyí ju ọdún mẹ́ta sí i lọ.

Ọmọ Òkè-Àdó: Èmi ṣì rò pé òfin ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tó buwọ́ lùwé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí àfikún bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Kílọ́ọ̀bù Tẹ́lẹ̀: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ máa rí i. N kò ní fi ọmọ ẹlòmíràn dán an wò.

Bọ́ọ̀sì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá: Ẹ fi èyí kún un: bí wọn kò bá sanwó fún oṣù méjì, kó kó bàtà rẹ̀, kó máa lọ. Ó ti dòmìnira.

Akọ̀wé Kílọ́ọ̀bù Tẹ́lẹ̀: Ìlàjì rẹ̀ ni ẹ mú, ìlàjì tó kù ló ń kó ọmọ sí wàhálà. Nínú ìlànà Fífà, oṣù méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí kílọ́ọ̀bù, kó sọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́, kó fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí wọn kò san gbogbo rẹ̀ ni ó tó lè kúrò. Ẹni tó lọ láìkọ lẹ́tà, òun gan-an ni wọ́n á pè ní ẹni tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n ti buwọ́ gbà, àti àkọsílẹ̀ báńkì, ni ẹ̀rí rẹ̀.

Èyí tó wà láàárín kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà àti ọmọ Nàìjíríà lè gba ọ̀nà òfin àjọ bọ́ọ̀lù tiwa, torí náà wo ohun tí ìwé yín fúnra rẹ̀ sọ. Kí ló wà níbẹ̀ nípa owó tí wọn kò san?

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù: Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ìpín 9 wà tó ní bí ọmọ bá pa ìdánrawò mẹ́ta jẹ, wọ́n lè fòpin sí i. Ìpín 10 ní àdéhùn á dúró "tí àyẹ̀wò dókítà bá yọrí sí rere".

Akọ̀wé Kílọ́ọ̀bù Tẹ́lẹ̀: Ìpín 10 yẹn, Fífà kò gbà á. Wọ́n kò gbọ́dọ̀ so àdéhùn mọ́ àyẹ̀wò dókítà. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, kí ó di ọjọ́ Ajé.

Kó ibi tí ìwé dákẹ́ sí sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà: owó tí wọn kò san, ẹsẹ̀ tó bá dá, ta ló ń san owó dókítà, ilé, ọkọ̀ ìdánrawò. Màmá á rò pé ohun tí kóòṣì ṣèlérí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá kà á tán, má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa sọ. Bi àbúrò rẹ pé: "Ní oṣù tí ìdíje kò sí, èló lo máa gbà?" Bó bá dáhùn 150,000, tún un kà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ta ló máa san owó dókítà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá dá lórí pápá, bí ìwé bá dákẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Agbábọ́ọ̀lù: Mo fẹ́ bi wọ́n lọ́la. Mo máa ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé.