Ta ló sọ ìtàn inú Life: Attenborough àbí Oprah?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi ń jiyàn lórí fíìmù ẹranko tí wọ́n ń pè ní Life. Mo ní David Attenborough ló sọ ọ́, ó ní Oprah Winfrey ni. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka orúkọ tó ń kọjá níparí, àwa méjèèjì la jàre: Attenborough ló sọ ti BBC ní 2009, Oprah ló sọ ti Discovery ní Amẹ́ríkà ní 2010.

Ó ku ọ̀rọ̀ alángbá Komodo tó ń lépa ẹfọ̀n. Nínú fíìmù náà, wọ́n ní oró ẹnu rẹ̀ ló ń pa ẹfọ̀n náà, bẹ́ẹ̀ kòkòrò àrùn inú itọ́ rẹ̀ ni tíṣà kọ́ wa. Ọdún 2009 yẹn náà ni ìwádìí oró ọ̀hún jáde. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àwọn onímọ̀ yòókù gbà á, tàbí wọ́n ta kò ó? Ṣé ohun kan náà sì ni ẹ̀dà méjèèjì sọ?